Aago Eré Sísá Tí Ìlà Rẹ̀ Ń Yà Kúrò Lójú Títì, àti Bó Ṣe Lè Tètè Mú Sátẹ́láìtì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn tó ń fi aago GPS sáré ní Èkó ló ń béèrè èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ìbéèrè yìí, nítorí náà ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ tí mo lò, Èkó ni mo ti mú un. Ẹni tó ń sáré ní Ìbàdàn tàbí Kútọnu á rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan òun pẹ̀lú.

Lójú títì ni mo sáré. Kí ló dé tí máàpù fi ní inú ọ̀sà ni mo gbà?

Aago yín kò mọ títì, kò sì mọ ọ̀sà. Àkókò ló mọ̀. Àwọn sátẹ́láìtì GPS wà lókè níbi tó tó nǹkan bí 20,200 kìlómítà sí wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń fi ìgbì rédíò sọ ibi tó wà àti ohun tí aago lù lọ́dọ̀ rẹ̀. Aago ọwọ́ yín á wo bí ìgbì náà ṣe pẹ́ tó lọ́nà, ibẹ̀ ni yóò ti mọ bí sátẹ́láìtì náà ṣe jìnnà tó. Tó bá ti rí 4 bẹ́ẹ̀, ó lè sọ ibi tí ẹ wà. Ṣùgbọ́n ìgbì yìí yára púpọ̀: bó bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù 10 ìṣẹ́jú àáyá péré pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, aago á gbà pé sátẹ́láìtì náà fi 30 mítà jìnnà ju ibi tó wà gan-an lọ.

Ohun tó sì ń mú un pẹ́ wà káàkiri Bróòdù Sítíríìtì àti Màrínà. Ilé àwòṣífìlà kan á dí ojú ọ̀nà tí ìgbì ìbá gbà wá tààrà, ìgbì kan náà á lọ kọlu gíláàsì ilé tó wà ní òdìkejì, á ta padà, ìyẹn ni aago yín á gbọ́. Ẹni tó bá kígbe láàárín ilé gíga méjì mọ̀ pé gbohùngbohùn lè dàbí ohùn ẹlòmíràn tó ń dáhùn láti ibòmíràn. Irú ìyẹn ló ń tan aago jẹ. Kò mọ̀ pé ìgbì náà ti yà sí ibì kan kó tó dé, ó kàn máa sún ibi tí ẹ wà sí ẹ̀gbẹ́ ni. Bí ẹ sì ti ń kọjá láti iwájú ilé kan dé iwájú òmíràn, ìgbì tó ń ta padà ń yí padà, ìlà náà á máa já sọ́tùn-ún, á máa já sósì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó fa tèmi?

Ẹ má wo eré ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹ ṣí eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ sá lójú ọ̀nà kan náà, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn.

Tó bá jẹ́ pé ibì kan náà ni ìlà ti ń yà lójoojúmọ́, tí ibi yòókù sì mọ́, ilé, igi tàbí afárá ibẹ̀ ló fà á. Aago yín kò ní àrùn kankan. Tó bá jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ eré nìkan ló dàrú, bóyá 500 mítà àkọ́kọ́, tí gbogbo rẹ̀ wá tò lẹ́yìn náà, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kí aago tó mú sátẹ́láìtì dáadáa. Èyí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti tún ṣe.

Tí gbogbo ìlà bá ń já ṣọ́bọṣọ̀bọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, títí kan ibi tí ojú ọ̀run ṣí, ẹ wo ètò inú aago náà, kí ẹ sì wo bóyá fáìlì sátẹ́láìtì inú rẹ̀ ti gbó. Tó bá wá jẹ́ pé ìlà náà gún régé ṣùgbọ́n ó fi ìwọ̀nba mítà kan náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní gbogbo ìgbà, ẹ fura sí máàpù. Àwòrán tí wọ́n yà láti òkè lè má bọ́ sójú ibi tó yẹ kó wà gan-an.

Fún àwọn tó wà ní Erékùsù, ibi tí mo máa ń ní kí wọ́n ti dán aago wò ni afárá tó lọ láti Ìkòyí sí Lẹ́kí. Ó gùn ní 1.36 kìlómítà, kò sí ilé lórí omi, ojú ọ̀run ṣí níbẹ̀. Bí ìlà yín bá tò lórí afárá yẹn tó sì ń já ní Màrínà láàárọ̀ kan náà, ẹ má na owó sórí aago tuntun.

Ṣé ìlà tó yà ń ba iye kìlómítà jẹ́?

Ó dá lórí bó ṣe yà. Bí gbogbo ìlà bá sún sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú mítà 10 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sí ohun tó ṣe ìwọ̀n náà, nítorí gígùn rẹ̀ kò yí padà. Èyí tó ń já sọ́tùn-ún sósì ni ó ń bà á jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ ń sáré lọ tààrà, ìlà aago sì ń yà jáde títí tó fi jìnnà sí títì ní mítà 15, tó sì tún ń padà, láàárín gbogbo 100 mítà. Dípò 50 mítà tí ẹ sá nígbà tó ń jáde, aago ka 52.2, bẹ́ẹ̀ náà ló kà nígbà tó ń padà. Ìyẹn jẹ́ mítà 4.4 lé lórí gbogbo 100, tàbí mítà 44 lórí kìlómítà kan. Ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú 6 sá kìlómítà kan, aago á sọ fún un pé ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 45 ni. Inú rẹ̀ á dùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yára sí i.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Bí aago kò bá kọ ibi tí ẹ wà sílẹ̀ lóòrèkóòrè, ó ń gé kọ̀rọ̀ ni, kìlómítà á sì dín.

Kí ni kí n ṣe kí n tó bẹ̀rẹ̀, kó lè tètè mú sátẹ́láìtì?

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ so aago mọ́ áàpù rẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀ tán. Ohun tí aago ń gbà lọ́wọ́ fóònù lásìkò yẹn kì í ṣe ìròyìn eré nìkan. Ó tún ń gba fáìlì kékeré kan tó ti kọ ibi tí sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan máa wà ní ọjọ́ mélòó kan tó ń bọ̀. Polar, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe aago, sọ pé tiwọn lè lò tó ọjọ́ 14, àti pé ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló péye jù, lẹ́yìn náà ló ń rọ díẹ̀díẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ aago Garmin, ẹ lè lọ sí `System`, kí ẹ ṣí `About`, kí ẹ wá ibi tó kọ `EPO` tàbí `CPE`, orúkọ tí wọ́n fún fáìlì yẹn. Tó bá jẹ́ `Current` ló wà níwájú rẹ̀, ó tutù. Tó bá jẹ́ `Expired`, ó ti gbó, ẹ tún so ó mọ́ fóònù. Ẹni tó bá pa Bluetooth fóònù rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá nítorí bátìrì, níbí ni ìyà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ jáde sí gbangba. Kì í ṣe abẹ́ páànù, kì í ṣe abẹ́ géètì, kì í ṣe abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Páànù kò jẹ́ kí ìgbì kọjá rárá. Ẹ ṣí eré sísá lórí aago ṣùgbọ́n ẹ má tẹ bọ́tìnnì ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ gbé ọwọ́ náà sókè ju àyà lọ, kó jìnnà sí ara díẹ̀, kí ojú aago kọ sókè. Omi ló pọ̀ jù nínú ara èèyàn, omi sì ń mu ìgbì yìí. Bí ẹ bá fi ọwọ́ kọ́ ẹ̀yìn tàbí tí ẹ rọ̀ ọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan, ẹ ti fi ara yín dí ìdajì ojú ọ̀run.

Àwọn kan máa ń fi àkókò yìí gbóná ara, wọ́n á máa fò, wọ́n á máa ju apá. Ẹ jẹ́ kí aago mú sátẹ́láìtì ná, kí ẹ tó gbóná ara. Ohun kan wà níbẹ̀ o: lórí Garmin, bí ẹ bá fi aago sílẹ̀ lórí ojú-ewé eré fún ìṣẹ́jú 5 láìbẹ̀rẹ̀, ó máa padà sí ojú aago lásán láti fi bátìrì pamọ́, sátẹ́láìtì á sì tún lọ. Ẹ wọ inú ètò eré náà, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan àkókò yìí, kí ẹ yí i láti `Normal` sí `Extended`. Ìyẹn fún yín ní ìṣẹ́jú 25.

Kí ni ìdúró jẹ́ẹ́ fẹ́ ṣe nínú ọ̀rọ̀ rédíò?

Ó ṣe pàtàkì gan-an nígbà tí fáìlì yẹn bá ti gbó. Nígbà náà, ẹnu sátẹ́láìtì fúnra rẹ̀ ni aago gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ibi tó wà, sátẹ́láìtì GPS kì í sì í yára sọ̀rọ̀: bíìtì 50 péré ló ń sọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Apá tí aago nílò gba ìṣẹ́jú àáyá 18, ìṣẹ́jú àáyá 30 sì ni sátẹ́láìtì fi ń tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ju apá nígbà tó kù díẹ̀ kí ó parí, tí ìgbì náà sì já, aago ní láti dúró de ìgbà tí wọ́n á tún sọ ibi tó pàdánù. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin nìyẹn, tí ẹ ó sì máa sọ pé aago yìí kò dáa.

Ìròyìn tí ẹ gbà báyìí kì í pẹ́ lọ́wọ́. Ó ń wúlò fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí aago tí ẹ lò láàárọ̀ fi máa ń mú sátẹ́láìtì kíákíá lọ́sàn-án, tí èyí tí ẹ gbé sílẹ̀ láti ọjọ́ Àìkú sì ń lọ́ra.

Àmì GPS orí aago ti di àwọ̀ ewé. Ṣé kí n gbéra?

Ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i, bí ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Polar tilẹ̀ fi hàn kedere lórí ojú aago: òbìríkítí tó yí àmì GPS ká máa ń kọ́kọ́ di àwọ̀ ọsàn nígbà tó bá rí sátẹ́láìtì 4, èyí tó kéré jù tí ó lè lò, kó tó wá di àwọ̀ ewé. Àwọn aago mìíràn kì í fi ìyàtọ̀ yẹn hàn. Sátẹ́láìtì 4 péré túmọ̀ sí pé bí ilé kan bá dí ọ̀kan, kò sí àfidípò. Bí ẹ bá dúró, aago á kó púpọ̀ sí i jọ, nígbà tí ẹ bá sì wọ àárín ilé, ó lè ju èyí tó ń purọ́ nù kó sì gbẹ́kẹ̀ lé àwọn tó kù.

Ibi tí ẹ bẹ̀rẹ̀ náà ṣe kókó. Bí ilé yín bá wà láàárín pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ rọra rìn dé ibi tó ṣí kí ẹ tó ṣí eré náà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Lọ́ńdọ̀nù dé, aago kò sì mú nǹkan kan.

Ojú ọ̀run Lọ́ńdọ̀nù ló ṣì ń wá ní Èkó. Ẹ so ó mọ́ fóònù, kí ẹ jáde sí gbangba, kí ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yìí. Lẹ́yìn ìyẹn ó ti mọ ibi tó wà.

Ṣé GPS ń jẹ dátà?

Rárá. Aago kàn ń gbọ́ ni, kì í fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì. Fáìlì tí fóònù ń gbà yẹn nìkan ló ń lo dátà, ó sì kéré.

Ètò wo ni kí n yàn lórí aago?

Ohun méjì ni kí ẹ wò. Àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tí aago ń kọ ibi tí ẹ wà sílẹ̀. Lórí Garmin, ẹ yan `Every Second` dípò `Smart`. Ẹ sì jìnnà sí `UltraTrac` fún eré ojú títì: ńṣe ló ń pa GPS tó sì ń tàn án láti fi bátìrì pamọ́, àwọn tó ń rìn nínú igbó fún odindi ọjọ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Èkejì ni irú sátẹ́láìtì. `GPS Only` ń lo ti Amẹ́ríkà nìkan. `All Systems` ń fi ti Rọ́ṣíà, Yúróòpù àti Ṣáínà kún un, èyí sì dára ní ibi tí ilé ti dí ojú ọ̀run, nítorí ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan wà tààrà lókè orí yín. Bí aago yín bá ní `All + Multi-Band`, òun ni kí ẹ lò fún Erékùsù. Èyí ń gbọ́ sátẹ́láìtì kan náà lórí ìgbì méjì, ọ̀kan ní 1575.42 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì, ìkejì ní 1176.45. Ìgbì kejì yìí ni wọ́n ṣe lọ́nà tó fi rọrùn fún aago láti ya èyí tó wá tààrà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ta padà. Bátìrì ló ń jẹ. Fún eré wákàtí kan, mi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣahun bátìrì.

Eré ìrọ̀lẹ́ mi máa ń dàrú ju ti òwúrọ̀ lọ, ojú ọ̀nà kan náà sì ni. Ṣé ojú mi ló ń ṣe mí ni?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí òótọ́. Ìbéèrè yìí kì í sábà ní ìdáhùn nínú ìwé tí wọ́n fi ń ta aago, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa ni.

Láti nǹkan bí 80 kìlómítà lókè, ìtànṣán oòrùn máa ń fi iná mànàmáná sínú afẹ́fẹ́. Ìpele yìí ni wọ́n ń pè ní ayónósífíà, gbogbo ìgbì sátẹ́láìtì ló sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń dá wọn dúró díẹ̀. Aago tó ń lo ìgbì kan ṣoṣo máa ń fi ìṣirò kan tí sátẹ́láìtì fún un dín àṣìṣe yìí kù, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni ìṣirò náà lè mú kúrò. Ní àyíká ìlà agbedeméjì òòfà ilẹ̀ ayé, ìyẹn ìlà tó gba òkè Nàìjíríà kọjá, ìpele yìí nípọn ju ti ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ. Tí oòrùn bá wá wọ̀, kì í rọra túká. Ó máa ń já sí wẹ́wẹ́, ihò ńláńlá á máa gòkè nínú rẹ̀, ìgbì tó bá gba ibẹ̀ á máa ṣẹ́jú bí ó ti ń lágbára tó tún ń rẹ̀. Àsìkò rẹ̀ ni lẹ́yìn wíwọ̀ oòrùn títí di nǹkan bí ọ̀gànjọ́, ó sì máa ń le jù ní oṣù kẹta sí ìkẹrin àti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, pàápàá ní àwọn ọdún tí oòrùn ń ru. Nǹkan bí ọdún 11 ni oòrùn fi ń yí ìyípo rẹ̀, góńgó èyí tó kẹ́yìn sì bọ́ sí àyíká 2024.

Ìgbì méjì, ìyẹn `Multi-Band`, lè yọ ìdádúró inú ìpele yẹn kúrò fẹ́rẹ̀ẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n kò lè dá ìgbì tó ń ṣẹ́jú padà. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ló ń dà yín láàmú, ẹ sá ojú ọ̀nà kan náà ní aago mẹ́fà àárọ̀ àti aago mẹ́jọ alẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wo ibi tó ṣí, kì í ṣe àárín ilé. Bí ibi tó ṣí náà bá ń já lálẹ́ nìkan, ẹ ti rí ìdáhùn. Eré tí ẹ fẹ́ fi ìyára rẹ̀ ṣe ìdánwò, ẹ gbé e sí òwúrọ̀.

Ṣé òjò àti ìkúùkù máa ń dí i?

Kò tó nǹkan. Ìgbì GPS ń gba inú ìkúùkù àti òjò kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ewé igi tó rin gbingbin fún omi lórí yín nìkan ni mo lè ka ẹ̀sùn sí lọ́rùn. Ọyẹ́ pẹ̀lú kò ṣe é ní nǹkan kan.

Kí ni kí n ṣe níbi tí kò ti sí ọgbọ́n, bí abẹ́ afárá ní Màrínà?

Abẹ́ kọnkéré, kò sí ètò tó lè gbà yín. Aago á fojú díwọ̀n, tàbí kó fa ìlà tààrà láti ibi tó ti rí ọ̀run kẹ́yìn dé ibi tó tún ti rí i. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì mú ojú kúrò lára ìyára ojú ẹsẹ̀ tó wà lórí aago, nítorí òun ló ń kọ́kọ́ ya wèrè. Ẹ fi ìyára gbogbo kìlómítà náà sí ojú-ewé dípò rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìdíje tí wọ́n ti gbé àmì kìlómítà sójú ọ̀nà, ẹ pa `Auto Lap` tó ń fúnra rẹ̀ ka kìlómítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì fúnra yín nígbà tí ẹ bá kọjá àmì kọ̀ọ̀kan. Àkókò aago kò lè ṣìnà, ibi tó wà nìkan ló ń ṣì. Àwọn tó ń sáré níbẹ̀ lójoojúmọ́ lè ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so mọ́ okùn bàtà, tó ń ka ìṣísẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n lójú ọ̀nà tí ẹ mọ gígùn rẹ̀ dájú, kí ẹ sì sọ fún aago pé òun ni kó máa gba ìyára lọ́wọ́ rẹ̀.

Pápá ìsáré 400 mítà ńkọ́? Ìlà mi dà bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀.

Igun pápá le fún GPS. Bí aago yín bá ní `Track Run`, ẹ yan án, kí ẹ sọ nọ́ńbà ojú ọ̀nà tí ẹ wà, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ fún ìyípo mẹ́rin àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ó ti mọ pápá náà, á sì máa fi 400 ka ìyípo.

Mo sá máratọ́ọ̀nù, aago ka 42.6. Ṣé wọ́n wọ̀n ọ̀nà náà ju bó ṣe yẹ lọ ni?

Àwọn tó ń wọn ọ̀nà máratọ́ọ̀nù ń gba ibi tó kúrú jù tí ẹsẹ̀ lè gbà, wọ́n ń gé gbogbo kọ̀rọ̀ mọ́ igun. Wọ́n tún ń fi mítà kan kún gbogbo 1,000, tó jẹ́ mítà 42 lápapọ̀, kí ọ̀nà má bàa kúrú. Ẹ̀yin sì ń yà fún èèyàn, ẹ ń lọ gba omi ní òdìkejì títì, aago náà sì ń fi tirẹ̀ kún un láàárín ilé. 42.6 kò burú rárá. Ẹ fi í sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ṣètò ìyára: ẹni tó fẹ́ parí ní wákàtí mẹ́rin gẹ́lẹ́, tó sì ń tẹ̀ lé ìyára tí aago sọ, á rí i pé wákàtí mẹ́rin pé kó tó dé òpin.

Mo ti ṣe gbogbo èyí, kò sì yí padà.

Ẹ di bọ́tìnnì iná aago náà mú fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 títí yóò fi kú, kí ẹ tún tàn án. Lórí ọ̀pọ̀ Garmin, èyí kì í pa eré tí ẹ ti fi pamọ́ rẹ́. Ẹ fi sọ́fítíwíà tuntun sí i, kí ẹ so ó mọ́ fóònù.

Bó bá ṣì kù, ẹ gbé e lọ sí pápá gbangba láàárọ̀, kí ẹ jẹ́ kó mú sátẹ́láìtì dáadáa, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ eré, kí ẹ gbé e kalẹ̀ lórí àga tí ojú rẹ̀ kọ sókè, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú 10. Fóònù lásán lábẹ́ ojú ọ̀run tó ṣí sábà máa ń wà láàárín nǹkan bíi mítà 5 sí ibi tó wà gan-an. Bí aago tó jókòó sójú kan bá ń rìn káàkiri 20 tàbí 30 mítà lórí máàpù, bóyá áńtẹ́nà inú rẹ̀ tó fi ń gba ìgbì ló ti bàjẹ́. Ẹ ya àwòrán ìlà ìdánwò yẹn, òun ni kí ẹ mú lọ bá ẹni tó tà á fún yín kí àsìkò ìdánilójú tó kọjá.